Ọjọ́ Tí Kíbọ́ọ̀dù Mutmainah Yarí

Ìfẹ́ ni Ìyá Mutmainah fi ṣe é. Mo ní kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí bí mo bá ti ibi tí inú ti bí mi bẹ̀rẹ̀, ẹ ó rò pé obìnrin náà ò gbọ́n, bẹ́ẹ̀ ó gbọ́n ju èmi àti ọmọ rẹ̀ lọ.

Tiwátọ́pẹ́ ni orúkọ mi. Òkè Àdó ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, bàbá mi sì jẹ́ pásítọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi. Èmi àti Mutmainah la jọ ń gbé yàrá kan ní Agbówó láti ìgbà tí a ti wọ yunifásítì. Ẹni jẹ́jẹ́ ni Mutmainah. Ó máa ń kí gbogbo ayálégbé láàárọ̀, títí kan àwọn tí kì í dáhùn. Èmi kì í ṣe ẹni jẹ́jẹ́, gbogbo ilé ló mọ̀. Ìyá rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ló ń dáná fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Mọ́níyà. Nínú gbogbo ẹbí wọn, kò tíì sí ẹni tó gboyè yunifásítì rí, Mutmainah ni yóò kọ́kọ́ gbà á.

Ohun kan ṣoṣo ló kù láàárín òun àti oyè yìí: pírójẹ́ẹ̀tì. Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n máa ti ojú ìkànnì tí a ó fi í ránṣẹ́ sí. Ẹni tí kò bá tíì fi tirẹ̀ ránṣẹ́ nígbà náà, ó di ọdún tó ń bọ̀. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wa tó, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má wá bẹ àwọn. Èmi ti fi tèmi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, torí mo mọ ara mi; láptọ́ọ̀pù àyálò ni mo sì fi tẹ̀ ẹ́, mo ti dá a padà. Mutmainah ṣì ń tún tirẹ̀ ṣe. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ìdajì orí ìkẹyìn ló kù fún un láti tẹ̀, pẹ̀lú orúkọ àwọn ìwé tó lò.

Ìrọ̀lẹ́ náà ni Màmá dé láti Mọ́níyà. Wọ́n gbé kúlà ìrẹsì dání, wọ́n sì gbé ìgò kan tí wọ́n fi láílọ́ọ̀nù dì dáadáa.

"Àáfà ló kọ ọ́ fún un," ni wọ́n wí fún mi, wọ́n ń tú láílọ́ọ̀nù náà. "Hàǹtú ni. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi kọ ọ́ sójú wàláà kí wọ́n tó fọ̀ ọ́."

Bí a bá ń gbé Ìbàdàn, tí a ò mọ hàǹtú, a ò tíì gbé Ìbàdàn. Ọ̀rọ̀ Kùráánì ni àáfà máa fi tàdáwà kọ sójú pátákó, yóò fi omi fọ̀ ọ́, wọn yóò po oyin mọ́ omi náà, ẹni tó ń wá orí rere yóò sì mu ún. Ọmọ pásítọ̀ ni mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n n kò lè fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá tèmi fi òróró ya fóònù mi sí mímọ́ lọ́dún tó kọjá, títí di òní ni ìka mi ń yọ̀ lójú rẹ̀.

Mutmainah kúnlẹ̀, ó mu tirẹ̀. Wọ́n bu díẹ̀ fún èmi náà, mo mu ún, ó dùn. Díẹ̀ ṣẹ́kù sísàlẹ̀ ìgò. Màmá wò yíká yàrá.

"Èwo lo fi ń kọ ìwé ọ̀hún gan-an?"

Mutmainah na ọwọ́ sí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì.

"Bísímílláhì," ni Màmá wí, wọ́n da èyí tó kù sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n sì fi ra gbogbo ojú kíbọ́ọ̀dù láti òkè dé ilẹ̀, bí ẹni ń fi omi tútù ra orí ọmọ ìkókó. Èyí tí ọwọ́ wọn ò gbà ṣàn gba àárín ìka wọn wọlé sáàárín àwọn bọ́tìnnì.

Mo pariwo, "Jésù!" Mutmainah pariwo, "Lá ìláhà ilálláhù!" Màmá rò pé àmín là ń ṣe. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì tún àdúrà kan fi lé e.

Mutmainah ti dojú láptọ́ọ̀pù náà délẹ̀ kí n tó lè mí. Omi dúdú kán sórí tábìlì. Ó fi ìborùn rẹ̀ nù ún, ó gbọ̀n ọ́n, ó tún nù ún, ojú rẹ̀ ti funfun. Síbẹ̀ kò sọ nǹkan kan, torí ìyá rẹ̀ ni, ìyá rẹ̀ sì ń yọ̀. Nígbà tó tún un gbé dúró, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. A wo ara wa. Màmá gbàdúrà fún àwa méjèèjì, wọ́n sì wọ mọ́tò padà sí Mọ́níyà pẹ̀lú ìdùnnú.

Ẹ gbọ́ àṣìṣe tí a ṣe, kí ẹ má bàa ṣe é. Ó yẹ kí a pa ẹ̀rọ náà lójú ẹsẹ̀, kí a yọ ṣájà rẹ̀, kí a sì fi í sílẹ̀ dídojúdé. A ò pa á. Ó ń ṣiṣẹ́, kí la fẹ́ pa á fún? Èmi ọlọ́gbọ́n tún wá gbé ẹ̀rọ tí mo fi ń gbẹ irun mi, mo fi afẹ́fẹ́ gbígbóná fẹ́ ẹ. Omi lásán ni afẹ́fẹ́ gbígbóná lè gbẹ. Bí ó bá fẹ́ oyin, ńṣe ni oyin ń ki sí i.

Ó tó wákàtí kan tí Mutmainah fi tẹ̀wé láìsí wàhálà. Lẹ́yìn náà ló ní, "Tiwá, wá wo nǹkan."

Ó tẹ "k", "kl" ló jáde. Ó tẹ "n", "n" náà sì ń lọ ní tirẹ̀, ó kún ìlà kan, ó kún ìlà kejì. Ó gbé ọwọ́ kúrò, ó gbé e sókè báyìí bí ẹni tí ọlọ́pàá dá dúró. Àwọn "n" náà dúró. A mí. Lẹ́yìn náà ni bọ́tìnnì tí a fi ń pa ọ̀rọ̀ rẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fúnra rẹ̀.

Mi ò rí irú rẹ̀ rí láyé mi. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kan nǹkan kan, iṣẹ́ oṣù mẹ́jọ sì ń jẹ ara rẹ̀ láti ìdí wá sí òkè. Àwọn "n" lọ, ìlà tó kọ ní ìrọ̀lẹ́ lọ, odindi ìpínrọ̀ lọ. Mutmainah ń lu bọ́tìnnì náà, ó ń fi èékánná tú u sókè, kò gbọ́. Òun ló ronú kàn án láti tẹ bọ́tìnnì iná mọ́lẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ títí ojú ẹ̀rọ náà fi ṣókùnkùn.

A tàn án padà. Ojú ibi tí wọ́n ń tẹ pásíwọ́ọ̀dù sí yọ. Gbogbo ohun tí Mutmainah bá tẹ̀ síbẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ń pa rẹ́ kó tó tẹ èkejì. Pírójẹ́ẹ̀tì wà nínú ilé, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, kọ́kọ́rọ́ ò sì wọlé.

"Kò sí níbòmíràn?" ni mo bi í.

"Orí mẹ́ta àkọ́kọ́ nìkan ló wà lọ́dọ̀ olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ mi," ni ó dáhùn. Ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Àkókò yẹn gan-an ni Màmá pè láti sọ fún wa pé àwọn ti délé láyọ̀. Wọ́n bi í pé báwo niṣẹ́. Ẹ̀yin ènìyàn mi, Mutmainah tí mo mọ̀, tí kì í jágbe mọ́ ológbò, ló gbé ohùn sókè mọ́ ìyá tó bí i.

"Ẹ ti bà á jẹ́! Ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́, Màmá! Ta ló ní kí ẹ da omi sí i? Ó ti tán báyìí, gbogbo ẹ̀ ti tán!"

A gbọ́ Màmá pẹ̀lú ohùn kékeré kan: "Èmi ni mo bà á jẹ́?" Fóònù sì kú. Mutmainah pè wọ́n padà kíákíá, wọ́n ti pa á. Ó tún pè, wọ́n ti pa á. Ó wá gbójú sókè wò mí bí ẹni pé èmi ni mo sọ ọ̀rọ̀ náà.

Mo fà á dìde. Mo ní a lè bẹ Màmá lọ́la, ṣùgbọ́n ìkànnì ò ní dúró dè wá. A gbé láptọ́ọ̀pù lọ sí yàrá Adégbóyè ní ìsàlẹ̀ ilé. Ẹnjiníà ló ń kọ́, ó máa ń tú fóònù ènìyàn, ó sì máa ń tò ó padà lọ́pọ̀ ìgbà. Òun náà ń tẹ pírójẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ lọ́wọ́ pẹ̀lú ojú pípọ́n. Gbogbo ilé ló ń tẹ̀ nírọ̀lẹ́ yẹn, kò sí láptọ́ọ̀pù tó ṣófo ní gbogbo Agbówó.

"Ẹ kó o sínú ìrẹsì," ni ohun tó kọ́kọ́ sọ.

"Oyin wà nínú ẹ̀, Adégbóyè. Ìrẹsì á kàn dùn ni."

"Oyin? Who pour honey for laptop?"

Mo fojú kìlọ̀ fún un kó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kọjá. Ó ti iṣẹ́ tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì dojú tiwa dé. Bó ti ń tú àwọn ìdè ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló ń ṣàlàyé. Ó ní lábẹ́ àwọn bọ́tìnnì ni rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wà ní ìpele ìpele, tí wọ́n ya ọ̀nà iná sójú wọn. Bí a bá tẹ bọ́tìnnì, ọ̀nà òkè á kan ọ̀nà ìsàlẹ̀, ẹ̀rọ á sì mọ èwo la tẹ̀. Omi oyin ti wọ àárín wọn, ó sì ń gbé iná láti ibì kan dé ibì kejì. Lójú ẹ̀rọ náà, ẹnì kan fi ìka lé bọ́tìnnì ìparẹ́, kò sì fẹ́ gbé e.

"A ò lè fọ̀ ọ́?"

"Wọ́n kàn án pọ̀ mọ́ ara ni. Kíbọ́ọ̀dù tuntun la máa rà, Dúgbẹ̀ la ti máa rí i, wọ́n sì ti ti ṣọ́ọ̀bù. But mo lè yọ ọ́ lẹ́nu iṣẹ́."

Okùn pẹlẹbẹ kan, tó fẹ̀ bíi rìbọ́n, ló so kíbọ́ọ̀dù mọ́ inú ẹ̀rọ. Ó ní bí òun bá yọ ọ́, kíbọ́ọ̀dù á dákẹ́, a ó sì fi ìka lórí pátákó ìtọ́ka tó wà nísàlẹ̀ kíbọ́ọ̀dù máa tẹ àwọn lẹ́tà tó máa yọ sójú síkíríìnì. Ó fi èékánná ṣí ẹnu ibi tí okùn náà wọ̀, ó fà á jáde wẹ́rẹ́. Ó ní kí Mutmainah tàn án.

Mutmainah tẹ bọ́tìnnì iná. Kò tàn. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Kò tàn. Adégbóyè gbà á, ó tẹ̀ ẹ́, òógùn sì bò ó.

"O ti pa á," ni mo wí. Inú ti ń bí mi, ẹ jọ̀ọ́. "A gbé aláìsàn wá, o pa á!"

Mutmainah ò pariwo mọ́. Ó kàn fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, ó sì ń wo ẹ̀rọ náà. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù lọ lọ́jọ́ yẹn.

Adégbóyè wò ó títí, ó wá gbá ara rẹ̀ lórí. Bọ́tìnnì iná wà lára kíbọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀! Okùn kan náà ló ń ṣiṣẹ́ fún un. Bí a bá ti yọ ọ́, kò sí ohun tí a ó fi tan ẹ̀rọ. Bí a bá sì fi í sílẹ̀, bọ́tìnnì ìparẹ́ ò ní jẹ́ ká wọlé.

"Ọ̀nà kan ló kù," ni ó wí. "Mà á dá a padà, ká tàn án, kí n sì yọ ọ́ lójú iná. Kò dáa o. Bí ọwọ́ mi bá gbọ̀n, ó lè jó."

Ó wo Mutmainah. Mutmainah ní, "Yọ ọ́."

Ó dá okùn padà, ẹ̀rọ tàn. Mo fi iná fóònù mi tàn sí i, mo di láptọ́ọ̀pù náà mú ní ìdúró ẹ̀gbẹ́, àwa mẹ́ta ò mí. Ó fà á. Ojú ẹ̀rọ ò kú. Mutmainah ti ìtọ́ka lọ sí igun ìsàlẹ̀, ó ṣí kíbọ́ọ̀dù ojú síkíríìnì, ó sì fi ìka kan tẹ pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Kò sí ohun tó pa á rẹ́. Ó wọlé.

Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ̀rọ jẹ ṣì wà níbẹ̀. Mutmainah ti fi iṣẹ́ náà pamọ́ kó tó lọ kí ìrun Màgàríbì, ìparẹ́ náà ò sì dé inú èyí tó ti pamọ́. Nǹkan bí ìdajì ojú ewé ló sọnù. Mo fò sókè, mo dì mọ́ Adégbóyè, ojú sì tì mí lẹ́yìn náà. A da iṣẹ́ náà sórí fúláàṣì lójú ẹsẹ̀, a sì fi ránṣẹ́ sórí fóònù Mutmainah.

"Ẹ gbọ́," ni Adégbóyè wí, "ẹ má pa á o, ẹ má pa ìdérí rẹ̀ dé. Bó bá kú, kò sí bọ́tìnnì tí ẹ ó fi jí i."

N kò ní sọ púpọ̀ nípa òru náà. Lórí fóònù ni Mutmainah ti fi àtàǹpàkò méjì tẹ èyí tó kù, èmi ń kà á fún un láti inú ìwé tó kọ ọ́ sí. Láàárín ìpínrọ̀ kan sí èkejì, á pe nọ́ńbà ìyá rẹ̀. Wọ́n ti pa á. Kò sunkún, kò sì jẹ nínú ìrẹsì tí wọ́n gbé wá. Láptọ́ọ̀pù jókòó sórí tábìlì pẹ̀lú ìdí rẹ̀ ní ṣíṣí, a ń ṣọ́ ṣájà rẹ̀ bí ẹni ń ṣọ́ omi ìfàsára ní ọsibítù.

Ilẹ̀ mọ́. Fóònù ti da àwọn àtẹ inú iṣẹ́ náà àti nọ́ńbà ojú ewé rú, nítorí náà a dá iṣẹ́ náà padà sórí láptọ́ọ̀pù, Mutmainah sì ń fi ìtọ́ka tò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Oòrùn ti gun òkè dáadáa kó tó parí. Adégbóyè wá wò wá. A ṣí ojú ìkànnì, a so iṣẹ́ náà mọ́ ọn. Ó ku kí a tẹ ibi tí wọ́n kọ "Firánṣẹ́" sí, nígbà tí ẹnì kan kan ilẹ̀kùn.

Màmá ni. Eruku bo ẹsẹ̀ wọn, ojú wọn wú. Wọ́n gbé nǹkan gígùn kan tí wọ́n fi ìborùn wé sí àyà. Wọn ò wo ojú ọmọ wọn. Wọ́n gbé e kalẹ̀, wọ́n tú u. Kíbọ́ọ̀dù ni, ti kọ̀ǹpútà àtijọ́, ó sanra, ó ti gbó, àwọ̀ rẹ̀ sì ti pọ́n.

"Mo lọ bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa," ni wọ́n wí. "Lẹ́yìn ìrun Súbúhì ni wọ́n ṣí yàrá kọ̀ǹpútà fún mi. Mo ní èyí tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ ni mo bà jẹ́. Wọ́n ní èyí náà ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́." Wọ́n gbé e fún Mutmainah. "Mo pa fóònù mi. Ẹ̀rù ń bà mí kí o má tún wí i."

Mutmainah dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin. Kò kúnlẹ̀, ńṣe ló dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sì di ẹsẹ̀ wọn mú.

Èmi ń wo ẹnu okùn kíbọ́ọ̀dù náà. Roboto ni, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tínńtín nínú. Kò sí ihò roboto lára láptọ́ọ̀pù Mutmainah. Kò sí i lára láptọ́ọ̀pù ẹnikẹ́ni tí mo mọ̀. Adégbóyè náà rí i, ó sì la ẹnu.

"Màmá, èyí ò lè—"

Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ gidigidi.

Mutmainah ti dìde. Ó wo ẹnu okùn roboto náà, ó wo ìyá rẹ̀. Ó gbé kíbọ́ọ̀dù náà síwájú láptọ́ọ̀pù, ó sì rọra ti okùn rẹ̀ sẹ́yìn tábìlì níbi tí ojú ò dé. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún, ó ń dún tà-tà-tà ní gbogbo yàrá. Ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lórí pátákó ìtọ́ka.

"Ẹ wá, Màmá. Ó ku ẹyọ kan. Ẹ̀yin lẹ máa tẹ̀ ẹ́."

"Èmi kẹ̀? Kí n má tún bà á jẹ́."

"Ẹ ò lè bà á jẹ́. Èyí tó gùn jù nísàlẹ̀ yẹn ni."

Màmá nu àtàǹpàkò wọn mọ́ ara ìró. Wọ́n ní Bísímílláhì. Wọ́n tẹ bọ́tìnnì gígùn náà mọ́lẹ̀, ọwọ́ òsì Mutmainah sì gbá pátákó ìtọ́ka lẹ́ẹ̀kan. Ojú síkíríìnì yí padà, àmì àwọ̀ ewé yọ, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n ti gbà á.

Màmá fò sẹ́yìn, wọ́n pariwo, wọ́n wo àtàǹpàkò wọn. Wọ́n wo ojú ẹ̀rọ, wọ́n tún wo àtàǹpàkò náà. "Èmi?" ni wọ́n ń wí. "Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá," ni Mutmainah wí, ẹni tí mi ò gbọ́ irọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí láti ọdún mẹ́rin. Èmi jáde síta, torí omi ti ń bọ́ lójú mi, n kò sì fẹ́ kí Adégbóyè rí i.

Màmá ò jókòó pẹ́. Wọ́n ní ọ̀gá fẹ́ kíbọ́ọ̀dù wọn padà kí àwọn ọmọ tó lọ sílé. Wọ́n fi ìborùn wé e dáadáa, Mutmainah sì bá wọn gbé e dé ibi tí wọ́n ti ń wọ mọ́tò.